Ẹ̀tọ́ Láti Kógbá Wọlé, Ẹ̀tọ́ Láti Fẹ̀ Sí I: Iye Tí Ìṣirò Èrè Òní Kì Í Rí

Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ wa bàbà nínú ilẹ̀. Ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ó lọ́jọ́ tó máa kú: bí wọn ò bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún yìí, àṣẹ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní láti ná mílíọ̀nù 100: ihò tí wọ́n máa gbẹ́, ọ̀nà tí wọ́n máa là, lọ́rì ńláńlá, katapílà, ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta. (Owó ìlú wo ni, ìyẹn ò kàn wá. Gbogbo iye tí mo bá dá láti ibí lọ, mílíọ̀nù ni.)

Oníṣirò wọn jókòó tira rẹ̀, ó ṣírò, ó ní kùsà náà tọ́ 96 lónìí. Ẹni tó bá ná 100 sórí ohun tó tọ́ 96 ti pàdánù 4, nítorí náà kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ pé. Ó kàn jẹ́ pé iṣẹ́ tó ṣírò yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn yìí fẹ́ ṣe.

Báwo ló ṣe dé 96? Ó ní láàárín ọdún kan, owó bàbà lágbàáyé á ti fi ibi tó ń lọ hàn. Bó bá lọ sókè, gbogbo owó tí kùsà náà máa mú wá láti ìgbà náà títí tó fi máa tán nílẹ̀ á tọ́ 144. Bó bá já wálẹ̀, á tọ́ 64. Lójú tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kó dára lọ́nà 55 nínú 100, kó sì burú lọ́nà 45. Tí a bá fi 55 yẹn wọn 144, tí a fi 45 wọn 64, tí a pa wọ́n pọ̀, 108 ló ń bọ̀. Ṣùgbọ́n owó ọdún tó ń bọ̀ kì í ṣe owó tó wà lápò, pàápàá owó tó léwu báyìí. Àwọn tó ń dá irú òwò yìí sílẹ̀ máa ń béèrè èrè ìdá 12.5 nínú 100 lọ́dún. Pín 108 sí 1.125, o ti rí 96. Yọ 100 tí wọ́n máa ná kúrò, ó ku àìdá 4, ìyẹn ni pé 4 ti wọ gbèsè. Ìyẹn ni a ń pè ní èrè òní: iye tí owó ọjọ́ iwájú tọ́ lónìí, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó tí a ná.

Ẹ wá wo 64 yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó ń sọ ni pé bí bàbà bá já wálẹ̀, lọ́rì á ṣì máa sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò, wọ́n á ṣì máa sanwó òṣìṣẹ́, wọ́n á ṣì máa ra epo, lọ́dọọdún, títí kùsà á fi tán. Ká tiẹ̀ ní ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ní òun máa ra gbogbo ẹ̀rọ àti ìyókù ìwé àṣẹ ní 80, ìṣirò náà á wo ẹni yẹn lójú, á sì máa wa ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni 144 ṣe gbà pé bí bàbà bá wọ́n bí ojú, tí òkúta púpọ̀ sì wà níwájú wọn, wọn ò ní fi ẹyọ katapílà kan kún èyí tó wà nílẹ̀. Ìpinnu tí a ṣe lónìí ni a ó máa tẹ̀ lé títí ayé. Ta ló ń ṣòwò bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹni tó bá sì ti rí i pé ọ̀nà tóun ń tọ̀ dí, ó máa ń yà.

Ẹ̀tọ́ láti yà yẹn ni a fẹ́ fi iye sí. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ọ̀ranyàn: ìgbà tó bá ṣe wá lóore nìkan la máa lò ó. Stewart Myers, onímọ̀ ìṣúná, ló kọ́kọ́ lo orúkọ tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí, real options, lọ́dún 1977, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Black, Scholes àti Merton ti fi han bí a ṣe lè fi iye sí irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ń tà á lórí ìpín ìdókòwò. Myers rí i pé ohun tó wà nínú ilé iṣẹ́, ihò, ẹ̀rọ àti ilẹ̀, ń gbé irú ẹ̀tọ́ kan náà sínú, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ kọ ọ́ sórí bébà.

Kùsà wa ní méjì. Èkíní ni ti kíkógbá wọlé: lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n lè ta ohun gbogbo ní 80. Bí nǹkan bá burú, wọ́n á gba 80 dípò 64, ìyẹn lé 16. Bó bá dára, kò sẹ́ni tó máa ta ohun tó tọ́ 144 ní 80, ẹ̀tọ́ náà á kàn sùn síbẹ̀. Èkejì ni ti fífẹ̀ sí i: lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n lè ná 50 sí i kí iṣẹ́ náà fi ìdajì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá dára, ìdajì 144 ni 72, yọ 50, ó ku 22. Bó bá burú, ìdajì 64 ni 32, kò sì sẹ́ni tó máa ná 50 torí 32.

A ti mọ ohun tí ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan máa mú wá lọ́dún tó ń bọ̀. Èló ló tọ́ lónìí?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣubú nìyí. Wọ́n á ní: "Ó rọrùn. Àyè pé kó burú jẹ́ 45 nínú 100, 16 lọ́nà 45 nínú 100 jẹ́ 7.2, ẹ pín in sí 1.125, ó di 6.4. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 22, ó di 10.76." Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìdá 12.5 yẹn, owó ewu kùsà ni. Ẹ̀tọ́ méjèèjì yìí kò ní irú ewu tí kùsà ní. Ọ̀kan léwu jù ú lọ fíìfíì, èkejì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ewu ni. Bá a bá fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ti ṣì wọ́n wọ̀n.

Ọ̀nà tó tọ́ nìyí. Ká ní ìpín ìdókòwò kan wà lọ́jà tó ń rìn bí kùsà wa ṣe ń rìn gẹ́lẹ́: 96 lónìí, kó di 144 tàbí 64 lọ́dún tó ń bọ̀. Ká sì ní a lè yá owó ní èlé ìdá 5 nínú 100, èyí tí wọ́n ń san lórí owó tí kò léwu rárá. Ẹnì kan tí kò ní ẹ̀tọ́ fífẹ̀ yẹn fẹ́ rí owó tí ẹni tó ní in máa rí. Kí ó ra ìdá 27.5 nínú 100 ìpín náà. Ìyẹn jẹ́ 26.4. Kí ó yá 16.76 nínú owó náà. Lọ́dún tó ń bọ̀, gbèsè á di 17.6. Ohun tó ti àpò ara rẹ̀ jáde jẹ́ 9.64. Bí bàbà bá lọ sókè, ìpín rẹ̀ á tọ́ 39.6, á san gbèsè 17.6, 22 á kù sí i lọ́wọ́. Bó bá já wálẹ̀, ìpín rẹ̀ á tọ́ 17.6, gbèsè á gbé e tán, kò ku kọ́bọ̀. 22 tàbí òfo: ohun tí ẹ̀tọ́ náà ń san gẹ́lẹ́ ni. Bí a bá wá lè fi 9.64 ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa san ju bẹ́ẹ̀ lọ fún un, kò sì sẹ́ni tó máa tà á ní iye tó kéré sí i. 9.64 ni iye rẹ̀.

Ṣé ẹ ṣàkíyèsí pé 55 àti 45 ò yọjú rárá nínú ìṣirò yẹn? Ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́. Ìdí ni pé ohun tí ọjà rò nípa ọ̀la ti wà nínú 96 tẹ́lẹ̀. Bá a bá tún fi 55 kún un, ẹ̀ẹ̀mejì la kà á. Ọ̀nà àbùjá kan wà tí kì í jẹ́ kéèyàn máa ṣe ẹ̀dà ní gbogbo ìgbà. Cox, Ross àti Rubinstein tẹ́ ẹ kalẹ̀ lọ́dún 1979, ó sì rọrùn débi pé a lè ṣe é sórí ìwé pélébé. Béèrè pé: bí 96 bá kàn ń gba èlé ìdá 5 bí owó tí kò léwu, á di 100.8, ọ̀nà mélòó nínú 100 ni kó dára, kí 144 àti 64 tó lè pàdé ní 100.8? Láti 64 dé 100.8 jẹ́ 36.8. Láti 64 dé 144 jẹ́ 80. Pín 36.8 sí 80, ó jẹ́ 0.46. Nítorí náà, 46 fún dídára, 54 fún bíburú. Kì í ṣe pé a gbà gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí o. Òṣùwọ̀n lásán ni, ó ti gbé owó ewu sínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìdá 5 nìkan la fi ń dá owó padà sí òní.

Ẹ dán an wò: 22 lọ́nà 46 nínú 100 jẹ́ 10.12, pín in sí 1.05, 9.64. Kò yẹ̀. Ẹ wá lò ó fún kíkógbá wọlé: 16 lọ́nà 54 nínú 100 jẹ́ 8.64, pín in sí 1.05, 8.23.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí 8.23 yìí. Lójú oníṣirò wa, 7.2 ni ìrètí tó wà nínú ẹ̀tọ́ náà lọ́dún tó ń bọ̀. Báwo wá ni 7.2 ọdún tó ń bọ̀ á ṣe tọ́ 8.23 lónìí? Á jẹ́ pé èrè tí a ń béèrè lórí rẹ̀ kéré sí òfo, bíi ká ní ìdá 12.5 nínú 100 sẹ́yìn. Adójútòfò ló fi jọ. Owó tí àwọn ènìyàn ń san fún ilé iṣẹ́ adójútòfò máa ń pọ̀ ju ohun tí wọ́n máa gbà padà lọ tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, síbẹ̀ wọ́n ń san án, torí ìgbà tí ohun gbogbo dojú rú ni owó náà ń dé. Ẹ̀tọ́ láti kógbá wọlé náà ń sanwó lásìkò ọ̀dá. Ní òdìkejì, ẹ̀tọ́ fífẹ̀ ń sanwó nígbà tí ọwọ́ ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀, òfo ni nígbà ìnira, ìdí nìyẹn tí iye rẹ̀ fi kéré sí 10.76 tí ìṣirò ojú lásán gbé jáde; èrè tó bá ewu rẹ̀ mu lé ní ìdá 25 nínú 100.

Ó yá, ẹ kó wọn jọ. Àìdá 4, 8.23, 9.64: kùsà tí wọ́n ní kí wọ́n fi sílẹ̀ ń fúnni ní 13.87. Mo kàn lè ro àwọn ẹ̀tọ́ méjèèjì pọ̀ báyìí torí pé wọn ò pàdé: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ nígbà tó dára, èkejì nígbà tó burú. Níbi tí ẹ̀tọ́ kan bá ti lè pa èkejì, bí ìgbà tí ọdún bá pọ̀ tí ẹni tó ti ta ẹ̀rọ kò sì lè fẹ̀ mọ́, a ní láti ṣírò wọn papọ̀ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, ọdún kan lẹ́yìn èkejì. Ríro wọn pọ̀ lásán á mú kí iye náà wú.

Ohun mìíràn tó yí padà ni ojú tí a fi ń wo àìdánilójú. Ká ní bàbà ń fò ju bí a ṣe rò lọ: 192 bó bá dára, 48 bó bá burú, kí iye kùsà ṣì jẹ́ 96 lónìí. Lójú ìṣirò èrè òní, kò sí ohun tó yí padà, àìdá 4 ṣì ni. Ṣùgbọ́n kíkógbá wọlé ti ń gba 32 là báyìí, fífẹ̀ sì ń mú 46 wá. Òṣùwọ̀n tuntun ń jẹ́ bí 37 àti 63, ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ di 19.30, èkejì di 16.06, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ di 31.36. Ẹni tó lè sá kúrò nínú èyí tó burú, tó sì lè fẹ̀ sínú èyí tó dára, kò níṣòro pẹ̀lú pé kí méjèèjì jìnnà síra wọn.

Ẹnì kan á béèrè pé kí ló dé tí wọn ò kàn ní dúró fún ọdún kan kí wọ́n wo bí bàbà ṣe máa ṣe. Ìbéèrè gidi ni. Bí ìwé àṣẹ náà ò bá kú, tí kò sì ní ohun tó ń sọnù nínú dídúró, wọ́n á ná 100 wọn nígbà tí wọ́n bá rí 144 nìkan, ìyẹn 44. Lọ́nà 46 nínú 100, tí a dá a padà sí òní, ó jẹ́ 19.28, kí a tó tilẹ̀ mẹ́nu kan fífẹ̀. Ó ju 13.87 lọ. Dídúró náà jẹ́ ẹ̀tọ́, ó sì máa ń níye lórí púpọ̀. Iṣẹ́ tí ìṣirò èrè òní rẹ̀ dára gan-an tiẹ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ tí kò yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nínú ọ̀ràn wa, ọjọ́ ikú ìwé àṣẹ ló ti ilẹ̀kùn yẹn.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí 13.87 yìí ṣe ń di iyọ̀ nínú omi, torí mo gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣi irú ìṣirò yìí lò jù.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù wà nínú 80. Kí ló wà nínú rẹ̀? Ká ní lọ́rì àti katapílà jẹ́ 35, ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta jẹ́ 15, ìyókù ìwé àṣẹ àti ilẹ̀ jẹ́ 30. Ihò tí wọ́n gbẹ́ kò sí níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń ra ihò. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni wọ́n máa tà? Ìgbà tí bàbà bá já wálẹ̀. Ta ló máa ra ìwé àṣẹ bàbà lọ́dún yẹn? Ẹni tó bá rà á, owó àánú ló máa san, ká sọ pé 16. Lọ́rì ṣì lè di owó rẹ̀ mú torí àwọn tó ń la ọ̀nà náà ń lò ó. Àpapọ̀ á di 66, ohun tí wọ́n gbà là jẹ́ 2 péré, iye ẹ̀tọ́ kíkógbá wọlé á já láti 8.23 sí 1.03, gbogbo kùsà á já sí 6.67. Nítorí náà, bí ẹ bá rí iye títà nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè bóyá iye ọjọ́ tí ohun gbogbo ń lọ dáadáa ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Èkejì ni pé ẹ̀tọ́ tí a kò ní lò kò tọ́ kọ́bọ̀. Ọdún burúkú dé, ẹni tó máa san 80 wà lẹ́nu ọ̀nà, ìgbìmọ̀ olùdarí sì ń sọ pé, "A ti ná 100 sórí nǹkan yìí, a ò lè jẹ́ kó ṣòfò." 100 yẹn ti lọ, ì báà jẹ́ wọ́n tà, ì báà jẹ́ wọn ò tà. Ohun tó wà níwájú wọn ò ju 64 àti 80 lọ. A lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ bóyá irú èyí máa ṣẹlẹ̀: ẹ wo inú ètò iṣẹ́ náà bóyá wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò sílẹ̀, bóyá wọ́n kọ iye tí bàbà gbọ́dọ̀ já dé kí wọ́n tó tà, àti bóyá ẹni tó máa pinnu títà kọ́ ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ máa bọ́ bí wọ́n bá tà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá sí, èmi á yọ 8.23 kúrò.

Ti fífẹ̀ náà ní tirẹ̀. Gbólóhùn tí wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ tó ti kú dìde ni pé "yóò ṣí ọ̀nà fún wa lọ́jọ́ iwájú." Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwa. Bí ilẹ̀ tó kàn kò bá sí nínú ìwé àṣẹ wa, lọ́jọ́ tí bàbà bá wọ́n, gbogbo ayé ló máa du ilẹ̀ náà pẹ̀lú wa, owó rẹ̀ á sì gbé 22 wa jẹ. Ẹ̀tọ́ náà sì lè ná wa lówó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní a gbọ́dọ̀ la ọ̀nà tó fẹ̀ ju èyí tí a nílò lọ, kí a sì fa wáyà iná tó nípọn jù, kí fífẹ̀ lè ṣeé ṣe. Bí ìyẹn bá fi 3 lé 100, ẹ jẹ́ ká san án, torí 9.64 ló ń rà. Bó bá fi 12 lé e, ká la ọ̀nà tóóró, ká gbàgbé fífẹ̀.

Gbogbo èyí dúró lórí pé ohun kan wà lọ́jà tó ń rìn bíi kùsà. Bàbà ní i. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá iye lé e ní ọjà irin ti London, ìdí nìyẹn tí Brennan àti Schwartz fi mú kùsà bàbà ṣe àpẹẹrẹ nígbà tí wọ́n ń ṣírò irú ẹ̀tọ́ yìí lọ́dún 1985. Ṣùgbọ́n bí ohun tí a kò mọ̀ bá jẹ́ bóyá bàbà wà nínú ilẹ̀ tó bí a ṣe rò, kò sí ọjà kankan tó ń ta ìyẹn, 46 àti 54 wa ò wúlò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ tó ń dán oògùn tuntun wò kò lè rí ìpín tó ń lọ sókè sódò pẹ̀lú bóyá oògùn náà á ṣiṣẹ́. Ẹ̀tọ́ wọn wà síbẹ̀síbẹ̀: lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè dúró kí wọ́n tó ná owó ti èyí tó kàn, èyí tó máa ń pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Níbẹ̀, ìrètí gidi tí àwọn onímọ̀ wọn ní ni wọ́n máa fi wọn ewu bóyá oògùn á ṣiṣẹ́, wọ́n á sì fi òṣùwọ̀n ọjà wọn kìkì ohun tí ọjà mọ̀ nípa rẹ̀, bí iye tí oògùn náà máa mú wá bó bá dórí àtẹ.